Bọ́ǹpù Abẹ́ Àgbọ̀n: Bí A Ṣe Tọ́jú Ọrùn Kàṣíà Kan ní Ìbàdàn

Ọ̀dọ́kùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ kàṣíà ní báǹkì kan ní agbègbè Dùgbẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun wa ní Mọ́kọ́lá, kì í ṣe torí irun orí. Ohun tó ń wá ni oògùn tó lè pa bọ́ǹpù tó kún ọrùn rẹ̀. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, torí pé ó mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ tí irú ẹ̀ ń bá fínra.

Láti abẹ́ etí ọ̀tún dé abẹ́ etí òsì, ní gbogbo ìsàlẹ̀ egungun àgbọ̀n títí dé gògóńgò, ara rẹ̀ rí wúruwùru. Àwọn tó ti pẹ́ nínú wọn dúdú, wọ́n sì le. Àwọn tuntun pọ́n díẹ̀, ọyún funfun sì wà ní ṣónṣó orí àwọn kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan, òkè ètè rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Nígbà tó tú táì rẹ̀, mo rí àmì ẹ̀jẹ̀ tínńtínní nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀, ní ọ̀gangan ibi tí kọ́là ti ń ra ọrùn.

Mo ní kó jókòó kó sọ bó ṣe ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àràárọ̀ ni mo ń fá a. Ọ̀gá wa ò fẹ́ rí irun lójú ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú kọ́sítọ́mà."

Ṣéfín-sítíìkì tó ní abẹ mẹ́ta lórí ló ń lò. Ó máa ń fi ọṣẹ ìwẹ̀ àti omi tútù pa ọrùn, á gbé àgbọ̀n sókè, á fi ọwọ́ òsì fa awọ ọrùn le, á wá máa fá a láti ìsàlẹ̀ ọrùn lọ sókè. Tó bá fọwọ́ kàn án tí kò tíì dán, á tún un fá, nígbà mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà á da sípíríìtì sí i. Lálẹ́, á dúró níwájú dígí, á máa fi ẹ̀mú kékeré fa irun èyíkéyìí tó bá rí nínú bọ́ǹpù tu. Ó tún ń pa kíríìmù kan tí wọ́n tà fún un ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ó ní tí òun bá pa á, ó máa ń lọ sílẹ̀. Tí òun bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á padà wá, á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo ní láti mọ̀ bóyá bọ́ǹpù abẹ ni lóòótọ́, torí pé gbogbo ohun tó bá wú lọ́rùn kọ́ ni abẹ fà. Làpálàpá máa ń ṣe róbótó, etí rẹ̀ á ga ju àárín lọ, á máa họ èépá, á sì máa yún ènìyàn. Irorẹ́ kì í mọ sí ibi irùngbọ̀n nìkan. Á yọ níwájú orí, á yọ lẹ́yìn. Èyí tó máa ń yọ ní ìpàkọ́ tó ń di kókó líle níbẹ̀ jẹ́ àìsàn mìíràn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀. Àmì tó dájú jù fún bọ́ǹpù abẹ ni irun fúnra rẹ̀. Mo tan iná fóònù, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á ní ìbú, kì í ṣe lọ́ọ̀ọ́kán. Nínú bíi ìdajì àwọn bọ́ǹpù náà la ti rí ìlà dúdú tínrín kan lábẹ́ awọ, tó tẹ̀ kọrọdọ. Lára àwọn kan, orí àti ìdí irun náà ti wọ inú awọ, àárín rẹ̀ nìkan ló hàn síta. Mo fi dígí hàn án, ó ní òun ò mọ̀ pé irun ni, òun rò pé ìdọ̀tí ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Irun wa ò jáde lọ́ọ̀ọ́rọ́ láti inú awọ. Ihò tí irun ti ń hù fúnra rẹ̀ wọ́, ìdí nìyẹn tí irun fi ń ká bó bá ti ń gùn. Tí a bá fi abẹ gé e mọ́ awọ pẹ́kípẹ́kí, orí tó kù á mú ṣóńṣó. Bó bá hù jáde díẹ̀, dípò kó máa lọ síwájú, á tẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, á sì padà gún awọ ní nǹkan bíi mìlímítà kan tàbí méjì sí ojú ihò tó ti jáde. Ara ka irun náà sí àjèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ìjà yẹn ló ń wú tó sì ń pọ́n, ọyún inú rẹ̀ sì lè wáyé láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀ rárá.

Ọ̀nà kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun ni mo sì rò pé ó pọ̀ jù lọ́rùn ọ̀dọ́kùnrin yìí. Tí a bá fa awọ le, irun tó wà nínú ihò á yọ síta díẹ̀ sí i. Abẹ tó ní ẹnu méjì tàbí mẹ́ta náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: ti àkọ́kọ́ á fa irun sókè, ti ẹ̀yìn á gé e. Nígbà tí a bá wá jọ̀wọ́ awọ, irun tí a gé á fà padà sínú ihò, orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ ojú awọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù, nítorí pé ihò náà wọ́, kò ní rí ẹnu ọ̀nà. Ògiri ihò ló máa gún, á sì wọ inú ẹran láìjáde síta rí. Irú èyí ni bọ́ǹpù tí ènìyàn ò ní rí irun kankan lójú rẹ̀. Fífi ẹ̀mú tu irun náà kò yàtọ̀: irun tuntun tó máa hù láti ìsàlẹ̀ máa ní orí ṣóńṣó, inú ihò ló sì máa ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò.

Nítorí náà, ohun tí gbogbo ayé ń yìn, pé kí ọrùn dán gbinrin tí ọwọ́ ò fi ní bá nǹkan kan, òun gan-an ló ń fa ìyọnu náà. Mo sọ fún un pé tí irun tó kù lójú awọ bá tó mìlímítà kan, kò sí bó ṣe máa rí ihò wọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mú ṣóńṣó nínú ihò. Ìyàtọ̀ mìlímítà kan yẹn ni gbogbo ìtọ́jú tí a ṣe dá lé lórí.

Mo kọ́kọ́ ní kó dá abẹ dúró pátápátá fún bí oṣù kan. Ó pariwo pé iṣẹ́ òun ńkọ́. Mo ní kó lọ rí dókítà, fún ìdí méjì. Àkọ́kọ́ ni ọyún tó wà níbẹ̀. Èkejì ni pé lẹ́tà dókítà ni ọ̀gá báǹkì máa gbọ́, kò ní gbọ́ ti agẹrun. Dókítà náà wò ó, ó gbà pé bọ́ǹpù abẹ ni, ó kọ ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kó dá irùngbọ̀n kúkúrú tí a gẹ̀ dáadáa sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó fún un ní kíríìmù tó ní bẹ́ńsọ́ìlì pẹrọ́sáìdì ìdá 5 nínú 100, kó máa fi díẹ̀ pa àwọn tó ní ọyún lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo èyí kó mọ̀ pé ó máa ń ṣí aró aṣọ. Ọ̀dọ́kùnrin yìí ò gbọ́ ọ dáadáa, ìrọ̀rí aláwọ̀ búlúù rẹ̀ sì di alámì funfun.

Dókítà náà ló tún sọ ohun tó wà nínú kíríìmù ti ṣọ́ọ̀bù oògùn. Àpòpọ̀ ni, sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ irú kíríìmù yìí dáadáa, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó sórí àga mi, ó sì ń dùn mí. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń mú kí ara dá ìjà náà dúró, ìdí nìyẹn tí bọ́ǹpù fi ń lọ sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n irun tó gún awọ ṣì wà níbẹ̀. Tí ènìyàn bá ń pa á lọ fún oṣù púpọ̀, awọ á fẹ́lẹ́, ojú ibẹ̀ lè funfun ju ara yòókù lọ, irorẹ́ mìíràn sì lè yọ láti ara oògùn náà. Tí ó bá dá a dúró, gbogbo rẹ̀ á ru sókè lẹ́ẹ̀kan. Dókítà sọ bí yóò ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dá a dúró, ó sì tẹ̀ lé e.

Ní ti irùngbọ̀n, kílípà ni mo lò, pẹ̀lú kóòmù nọ́ńbà kìíní, tó máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀. Ìgbà kan lọ́sẹ̀ ni mo ń gẹ̀ ẹ́, kó lè rí dọ́gba lójú ọ̀gá rẹ̀. Irun tó wà nínú bọ́ǹpù kò sí lára ohun tí kílípà lè gé, nítorí pé orí rẹ̀ ti wọ inú awọ. Èyí dára fún wa: á máa gùn síwájú, títẹ̀ rẹ̀ á máa tóbi sí i, títí yóò fi fa ara rẹ̀ yọ síta. Irun ojú máa ń gùn ní nǹkan bíi ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú mẹ́wàá mìlímítà lóòjọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé láàárín bí oṣù kan irun lè tó sẹ̀ǹtímítà kan, èyí tí kì í dúró nínú awọ mọ́.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń rẹ tówẹ́ẹ̀lì kékeré sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe omi tó lè bó ènìyàn, á gbé e lé ọrùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀, tí kò fi fọ eyín rí, rọra pa ọrùn yíká láìtẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ nínú àwọn irun tó tẹ̀ máa ń tú fúnra wọn báyìí.

Àwọn tí kò tú, tí a sì ń rí àárín wọn lójú awọ, mo fi abẹ́rẹ́ tuntun ti ilé oògùn ran wọ́n lọ́wọ́. Mo fi sípíríìtì nu awọ, mo ki ẹnu abẹ́rẹ́ gba abẹ́ ìtẹ̀ irun náà ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́, mo gbé e sókè títí orí rẹ̀ fi jáde, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jáde, ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu bó ṣe gùn tó. Ọ̀kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà kan, gbogbo rẹ̀ ti ká jọ sábẹ́ awọ. Mi ò fa ọ̀kankan tu. Èyí tí mi ò rí irun rẹ̀, mi ò wa inú rẹ̀, torí pé wíwa inú awọ ló ń fa àpá. Abẹ́rẹ́ kan fún ènìyàn kan ni, ìgò líle la sì ń jù ú sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì le fún un. Irun kúkúrú ń gún un, ọrùn ń yún un, bọ́ǹpù tuntun díẹ̀ sì yọ. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí n fá a kúrò." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Àwọn irun tó ti fá kó tó wá bá mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, wọ́n sì tún ń wọlé kí wọ́n tó gùn tó láti na ara wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń padà sídìí abẹ nìyí, tí wọ́n á ní ìtọ́jú náà kò ṣiṣẹ́. Aṣọ tútù tí a fún omi rẹ̀ dànù tó gbé lé e ló jẹ́ kó rí oorun sùn. Nígbà tó máa fi di òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò sí èyí tó ní ọyún mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó wú ti lọ sílẹ̀, àpá dúdú ló kù níbẹ̀.

Kí ó tó tún fọwọ́ kan abẹ, a ní láti mọ ibi tí irun ọrùn rẹ̀ dorí kọ. Mo gbà pé èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe, bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọmọkùnrin. Wọ́n máa ń sọ pé kí á fá a bí irun bá ṣe dorí kọ, ènìyàn á sì rò pé ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dorí kọ. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí irun abẹ́ àgbọ̀n wọn ń lọ sísàlẹ̀, tí ti ìsàlẹ̀ gògóńgò ń bọ̀ sókè láti pàdé rẹ̀, tí ti ẹ̀gbẹ́ sì dùbúlẹ̀ ní ìbú.

Mo gẹ irùngbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú kílípà láìlo kóòmù, mo ní kó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó padà wá, mo mú òwú ilé oògùn, mo rọra ń fà á kọjá lọ́rùn rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin: sísàlẹ̀, sókè, sọ́tùn-ún, sósì. Ibi tí òwú bá ti ń yọ̀ lọ, irun dorí kọ ibẹ̀. Ibi tó bá ti há, tí fọ́nrán òwú bá kù sórí irun, a ń lọ lòdì sí i. Mo fi pẹ́ńsù ojú tí àwọn obìnrin ń lò ya ọfà kékeré sí ibi kọ̀ọ̀kan, ó sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀.

Fọ́tò náà rí báyìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ọfà ń lọ sísàlẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n, títí dé nǹkan bí ìka méjì sókè gògóńgò, ọfà ń lọ sísàlẹ̀. Láti gògóńgò lọ sí ìdí ọrùn, ọfà ń lọ sókè. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tẹ̀ díẹ̀ síwájú. Ẹ̀gbẹ́ òsì, lábẹ́ etí, irun dùbúlẹ̀ pátápátá, ó sì dorí kọ etí láti ọ̀nà ọ̀fun. Ó wo fọ́tò náà títí, ó ní gbogbo ọdún tí òun ti ń fá a lọ sókè, ibì kan ṣoṣo ló bá irun mu.

Fífá tuntun náà, alẹ́ ló ń ṣe é báyìí, lẹ́yìn ìwẹ̀. Mo fẹ́ràn alẹ́ torí pé kò sí ìkánjú bọ́ọ̀sì, kọ́là tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ kò sì ní máa ra awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara gba abẹ. Á gbé tówẹ́ẹ̀lì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lé ọrùn, nítorí pé irun tó mu omi máa ń rọ̀, orí rẹ̀ kì í sì mú tó ti irun gbígbẹ nígbà tí a bá gé e. Á fi fóòmù ìfárùngbọ̀n pa á, á jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Abẹ ẹlẹ́nu kan ló ń lò, nínú ọwọ́ ìfárùngbọ̀n onírin tí a lè yí abẹ inú rẹ̀ padà. Kì í fa awọ. Kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìwúwo irin náà tó. Ó ń fà á ní kúkúrú kúkúrú, ó ń fi omi ṣan abẹ lẹ́yìn gbogbo fífà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń gba ojú kan. Tó bá fọwọ́ kàn án tó ṣì rí kóókòòkó díẹ̀, á fi í sílẹ̀. Omi tútù ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìpara tí kò ní lọ́fínńdà. Sípíríìtì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ń gbẹ awọ, ó ń ta á, kò sì dí irun kankan lọ́wọ́ láti wọlé. Bó bá ti lo abẹ kan ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, á jù ú nù, torí pé abẹ tó ti kú máa ń fa irun dípò kó gé e.

Ó bi mí bóyá kó máa fá a lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí awọ lè sinmi. Mo ní rárá. Ẹni tó bá ti yàn láti lo abẹ kó máa fá a lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì méjì, láìtẹ̀ ẹ́, kí irun má bàa rí àyè dé gígùn tó fi lè tẹ̀ padà sínú awọ.

Nǹkan lọ dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà bọ́ǹpù tuntun mẹ́fà yọ. Ó wá pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo ibi tí wọ́n wà: gbogbo wọn wà lábẹ́ etí òsì, kò sí ẹyọ kan lọ́tùn-ún, kò sí lábẹ́ gògóńgò. Tó bá jẹ́ pé abẹ ló kú, tàbí fóòmù ló bínú sí ara rẹ̀, ìhà méjèèjì ni ì bá wà. Mo fún un ní irin náà láìfi abẹ sí i, mo ní kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ òsì, ọwọ́ rẹ̀ kọjá níwájú àgbọ̀n, ó gbé irin sábẹ́ etí, ó sì ń fà á bọ̀ wá sí ọ̀fun, ìyẹn ni pé ó ń lọ lòdì sí irun gẹ́lẹ́. Bó ṣe rọ ọwọ́ lọ́rùn ló ń ṣe é, kò mọ̀ pé òun ti kúrò lórí ọfà.

Mo ní kó yí orí sọ́tùn-ún, kó gbé irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun, kó sì máa ti ẹnu rẹ̀ lọ sí apá etí ní díẹ̀díẹ̀. Ó nira fún un. A gbìyànjú ọwọ́ òsì, ó gé ara rẹ̀ díẹ̀. Ìpinnu tí a wá ṣe ni pé kí abẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló ń fi abẹ fá báyìí. Ọrùn àti etí egungun àgbọ̀n, kílípà kékeré ló ń lò ní ọjọ́ méjì méjì, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, tó ń fi bíi mìlímítà kan sílẹ̀. Láti ibi tí kọ́sítọ́mà jókòó sí, kò sí ẹni tó lè rí mìlímítà yẹn, ọ̀gá rẹ̀ náà kò sì tíì sọ nǹkan kan.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ agẹrun fetí sí níbí. Púpọ̀ nínú wa máa ń tú ìdè abẹ kílípà, a ó sún un síwájú títí abẹ òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, kó lè gé irun mọ́ awọ. Síírò là ń pè é. Ó dára fún ìlà etí irun orí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé kílípà tí wọ́n ti ṣe síírò rẹ̀ sí ọrùn ẹni tó ní bọ́ǹpù, kò yàtọ̀ sí abẹ. Ẹ bi agẹrun yín kó tó gbé e sí yín lọ́rùn. Ẹ tún rí i pé ó fọ abẹ rẹ̀, ó sì fi oògùn apakòkòrò sí i níṣojú yín, torí pé awọ tó ti fọ́ lẹ́jẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀ tó ń ran ènìyàn lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ó tún béèrè nípa páúdà tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi tí yóò mú irun rọ̀ títí á fi ṣí kúrò. Ó wúlò fún àwọn kan, nítorí pé irun tó bá ti ara rẹ̀ ṣí kì í ní orí ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà náà ń jó awọ bí ó bá pẹ́ ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ lò ó sí awọ tó ní egbò. Mo ní kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá rẹ̀, kó dúró fún ọjọ́ méjì. Ojú ibẹ̀ pọ́n, ó sì yún un, a kò tún sọ̀rọ̀ páúdà mọ́. Ní ti lésà, èyí tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG ló bá awọ dúdú mu jù, torí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ 1064 nm kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ooru sí àwọ̀ ojú awọ. Irun tí ó bá pa kì í fi bẹ́ẹ̀ hù mọ́, nítorí náà ẹni tó ṣì fẹ́ dá irùngbọ̀n sí lọ́jọ́ iwájú kó rò ó dáadáa. Owó rẹ̀ kọjá agbára kàṣíà yìí lákòókò yìí.

Àpá dúdú tó kù lọ́rùn rẹ̀ ń parẹ́, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ló máa gbà. Mo kìlọ̀ fún un kó má ṣe ra ìpara ìbóra kankan sí i. Méjì nínú àwọn bọ́ǹpù líle tó wà ní igun àgbọ̀n ọ̀tún kò lọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù; ńṣe ni wọ́n ń fẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dán, wọ́n sì ń yún un. Ìyá rẹ̀ náà ní àpá tó wú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn etí níbi tó ti lu ihò yẹtí. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ agẹrun mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ gé e, torí pé irú àpá bẹ́ẹ̀ tí a bá kàn gé máa ń padà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Ó ti gba ìwé lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn awọ ara ní ilé ìwòsàn UCH, níbi tí wọ́n ti lè gún abẹ́rẹ́ sí inú àpá náà kó lè rọ̀ kó sì lọ sílẹ̀. Títí wọ́n á fi parí ti ibẹ̀, mi ò gbé kílípà dé ojú àwọn méjèèjì. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń gé irun tó yí wọn ká.